Trẹ́búṣẹ́ẹ̀tì: mo dín òkúta kù sí ìdajì, kí ló dé tí kò lọ ní ìlọ́po méjì?

Àlàdé

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo kan trẹ́búṣẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀rọ ajùkò àtijọ́ tí ẹrù ńlá máa ń já bọ́ ní ìdí igi kan kí òkúta lè fò ní orí igi náà. Apá kúkúrú igi mi jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, apá gígùn jẹ́ 2.4 mítà, kànnàkànnà tó wà lórí rẹ̀ gùn tó 2.2 mítà. Ẹrù inú àpótí jẹ́ 40 kílò, ó sì ń já bọ́ ní nǹkan bíi mítà kan. Òkúta 400 gíráàmù ń lọ sí nǹkan bíi 90 mítà. Mo wá rí ìṣirò kan:

R = 2 × (M/m) × h

M ni ẹrù, m ni òkúta, h ni ibi tí ẹrù já bọ́ dé. Bí mo ṣe kà á, tí mo bá dín òkúta kù sí ìdajì, ó yẹ kó lọ ní ìlọ́po méjì. Mo fi òkúta 200 gíráàmù sí i, 105 mítà péré ló lọ. Ibo ni ìyókù wọlẹ̀ sí? Kí ni mo lè yí padà?

---

Ìdòwú_Irin

Rọ́bà rẹ ló ti rẹ̀. Rọ́bà kànnàkànnà kì í pẹ́ nínú oòrùn kó tó dẹ̀. Pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó nípọn, kí o sì fà á dáadáa kí o tó jù ú, wàá rí i pé á lọ.

---

Àlàdé

Bọ̀ọ̀dá Ìdòwú, kò sí rọ́bà níbẹ̀ rárá. Okùn méjì àti awọ kékeré tí òkúta ń jókòó sí ni kànnàkànnà tí mò ń wí. Ẹrù tó ń já bọ́ nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

---

Baba Káfíńtà

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ẹrù ló ń ju òkúta, kò sí ohun mìíràn. Tí o bá fẹ́ kó jìnnà, fi 40 kílò mìíràn kún inú àpótí yẹn. Ìṣirò kò lè ṣe ju ìyẹn lọ. Mo ti kan irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi irin kún un ló ń lọ síwájú sí i.

---

Olùkọ́_Físíìsì

Àlàdé, ìṣirò yẹn kò purọ́, àmọ́ òrùlé ni, kì í ṣe ilẹ̀. Ohun tó ń sọ ni ibi tí òkúta á dé tí gbogbo agbára tó wà nínú ẹrù bá wọ inú òkúta láìku ẹyọ kan, tí òkúta sì jáde ní igun 45 digírì, tí afẹ́fẹ́ kò sì sí. Kò sí trẹ́búṣẹ́ẹ̀tì kankan tó ń ṣe gbogbo ìyẹn.

Jẹ́ ká fi tìrẹ wò ó. 40 kílò tó já bọ́ ní mítà kan mú nǹkan bíi 392 júùlù wá. Tí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú òkúta 400 gíráàmù, òkúta yẹn á máa sáré mítà 44 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, á sì bọ́ sí 200 mítà. Òun ni ìṣirò tí o rí ń sọ.

Ní báyìí, yí ọ̀rọ̀ náà padà, kí o ti ibi tí òkúta bọ́ sí ka agbára tó gbà. Kó tó lè dé 90 mítà, ó ní láti jáde pẹ̀lú eré tó tó mítà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Fún òkúta 400 gíráàmù, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 177 júùlù. Èyí tó jẹ́ 200 gíráàmù tó lọ sí 105 mítà jáde pẹ̀lú eré mítà 32, àmọ́ nítorí pé ó fúyẹ́, nǹkan bíi 103 júùlù péré ló gbé lọ. Afẹ́fẹ́ ti gba díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó sì ń gba púpọ̀ lọ́wọ́ èyí tó fúyẹ́, nítorí náà iye tí mo kọ yìí ni ó kéré tán. Síbẹ̀, wo bó ṣe rí: ẹrù kan náà, ibi kan náà tó já bọ́ dé, ṣùgbọ́n òkúta kékeré kò gbé tó èyí tó tóbi gbé. Ìyókù kò wọlẹ̀. Ó kù sínú ẹrù àti inú igi rẹ.

---

Àlàdé

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó yé mi pé òkúta kékeré gbé díẹ̀ lọ. Èyí tí kò yé mi ni ìdí rẹ̀. Ẹrù kan náà ló ń tì í, kí ló dé tí kò fi gbà á?

---

Olùkọ́_Físíìsì

Nítorí pé ẹrù náà kò lè yára ju bí ilẹ̀ ṣe ń fà á lọ. Ohunkóhun tó bá já bọ́ ní mítà kan láìsí ohun tó dì í mú, eré rẹ̀ kò ní ju mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá lọ nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀. Apá gígùn rẹ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin apá kúkúrú, torí náà orí igi kò lè kọjá bíi mítà 17 tàbí 18. Kànnàkànnà ló wá ń sọ eré yẹn di ńlá, ó lè sún mọ́ ìlọ́po méjì. Ó ti ń súnmọ́ òpin nìyẹn, bóyá òkúta rẹ jẹ́ 200 gíráàmù tàbí 20.

Ẹni tó bá fi gbogbo agbára ju ìyẹ́ adìẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló máa dùn ún, ìyẹ́ náà kò ní lọ síbì kankan. Ọwọ́ ló gbé agbára náà dání, torí ìyẹ́ kò wúwo tó láti gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta tó fúyẹ́ jù ṣe ń ṣe pẹ̀lú ẹrù rẹ. Òkúta gbọ́dọ̀ wúwo débi tí yóò fi máa di ẹrù mú bó ṣe ń já bọ́, títí tí ẹrù náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró nígbà tí òkúta bá ń jáde. Tí ẹrù bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní ìsàlẹ̀ pátápátá, a jẹ́ pé ó ti kó ohun tó ní sílẹ̀.

Ojú lásán lè rí i. Fi fóònù ya fídíò láti ẹ̀gbẹ́, kí o mú kó lọ díẹ̀díẹ̀. Dá a dúró níbi tí òrùka okùn kànnàkànnà ti ń bọ́ kúrò lórí ìkọ́ tó wà ní orí igi. Ṣé igi náà ti dúró ṣánṣán, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn mọ́? Àbí àpótí ẹrù ṣì ń fò lọ sápá kejì, tí gbogbo férémù sì ń fò sókè? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni agbára tí o ń wá.

---

Baba Káfíńtà

Ọ̀gá olùkọ́, ẹ má bínú, tí ọ̀rọ̀ yín bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ọmọ tí mo kan ti wọn fún ń rí i tó ń lọ síwájú tí wọ́n bá fi irin kún un?

---

Olùkọ́_Físíìsì

Baba, òótọ́ ni ẹ rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹrù wọn kéré sí òkúta wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹrù bá jẹ́ ìlọ́po ogún òkúta, fífi kún un á mú un lọ dáadáa. Tó bá ti dé ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, bíi ti Àlàdé pẹ̀lú òkúta 400 gíráàmù, gbogbo kílò tí ẹ bá fi kún un kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ibi tí òkúta bọ́ sí, férémù ló máa jìyà rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní lọ síwájú rárá o. Ohun tó máa fi kún un kò kàn ní tó ohun tí ẹ náwó lé lórí.

---

Akọ̀tàn

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó tóbi wá. Trẹ́búṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ààfin Warwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2005 ga tó 18 mítà, gbogbo ara rẹ̀ wúwo tó 22 tọ́ọ̀nù, ẹrù rẹ̀ nìkan jẹ́ 6 tọ́ọ̀nù. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń rìn nínú àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá láti fi gbé ẹrù náà sókè. Lóṣù kẹjọ ọdún 2006, ó ju òkúta 13 kílò sí 249 mítà, eré rẹ̀ sì jẹ́ 195 kìlómítà ní wákàtí kan. Ọ̀gá olùkọ́, ẹ bá wa fi tìyẹn ṣírò.

---

Olùkọ́_Físíìsì

Akọ̀tàn, o ṣeun, àpẹẹrẹ tó dára jù lo mú wá. 195 kìlómítà ní wákàtí jẹ́ mítà 54 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Òkúta 13 kílò tó ń sáré bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan bíi 19,000 júùlù. Ẹrù 6 tọ́ọ̀nù tó bá já bọ́ ní mítà kan ṣoṣo á mú nǹkan bíi 59,000 júùlù wá, ẹ̀rọ tó ga tó bẹ́ẹ̀ sì ń já ẹrù rẹ̀ bọ́ ju mítà kan lọ dáadáa. Nítorí náà, mítà kan péré tí ẹrù náà já bọ́ ti mú ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òkúta gbé lọ wá. Ẹrù náà jẹ́ ìlọ́po òjìlénírinwó àti jù bẹ́ẹ̀ lọ òkúta náà. Àlàdé, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òkúta 200 gíráàmù rẹ nìyẹn, ti Warwick kàn ga ju tìrẹ lọ ni.

---

Baba Káfíńtà

Kí ni wọ́n wá ń fi 6 tọ́ọ̀nù ṣe nígbà náà? Ṣé òmùgọ̀ ni wọ́n ni?

---

Akọ̀tàn

Rárá o, baba. Wọ́n kan ẹ̀rọ yẹn kó lè ju òkúta tó wúwo tó 150 kílò. Iṣẹ́ tí wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe láyé àtijọ́ ni láti fọ́ ògiri, kì í ṣe láti lọ jìnnà. Tí ẹ bá ti wà níbi tí ọfà àwọn tó wà lórí ògiri kò lè bá yín, ó ti tó, òkúta tó wúwo ni ẹ máa wá lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí Ọba Edward Kìíní dó ti ààfin Stirling ní ilẹ̀ Skọ́tìláńdì lọ́dún 1304, ó ní kí wọ́n kan trẹ́búṣẹ́ẹ̀tì ńlá kan tí wọ́n pè ní Warwolf. Àwọn ará inú ààfin fẹ́ túúbá kí wọ́n tó lò ó, ọba ní kí wọ́n padà sínú ilé, òun fẹ́ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́. Ìkà ni, àmọ́ ó jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà wá kì í ṣe bó ṣe jìnnà tó.

---

Mọ́rẹ́nikẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀ o. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lè jìnnà, nítorí ẹ̀yìn ni tèmi ń jùkò sí. Mo kan kékeré kan fún ìdíje sáyẹ́ǹsì, òkúta kò lọ síwájú rárá, ó lọ sókè tààrà, ó sì bọ́ sẹ́yìn ibi tí àwọn tó ń wò dúró sí. Ọpẹ́ ni pé bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì ni mo fi sí i. Wọ́n ní kí n dín ẹrù kù, mo dín in kù, ó ṣì ń lọ sẹ́yìn, kò kàn lọ jìnnà mọ́ ni.

---

Olùkọ́_Físíìsì

Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹrù rẹ kò ṣẹ̀. Ìkọ́ tó wà ní orí igi ló tètè tú òkúta sílẹ̀. Okùn kan nínú kànnàkànnà so mọ́ igi pátápátá, èkejì ní òrùka tó kàn wọ orí ìkọ́ irin. Bí igi bá ń yí, kànnàkànnà á máa yọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dé àkókò kan tí yóò kọjá orí igi, òrùka á sì yọ́ bọ́ kúrò lórí ìkọ́. Tí ìkọ́ bá tọ́ ju bó ṣe yẹ, òrùka á tètè bọ́, òkúta á lọ sókè tàbí sẹ́yìn. Tí ìkọ́ bá tẹ̀ jù síwájú, òrùka á pẹ́ lórí rẹ̀, òkúta á wá gbá ilẹ̀ níwájú férémù. Gígùn kànnàkànnà náà ń dá sí i. Èyí tó kúrú ń tètè yí dé, èyí tó gùn ń pẹ́. Torí náà, tí ó bá ń lọ sẹ́yìn, tẹ ìkọ́ díẹ̀ síwájú, tàbí kí o jẹ́ kí okùn gùn díẹ̀ sí i. Má ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, o kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ìdí tó fi ṣòro ni àkókò. Nígbà tí òkúta bá fẹ́ jáde, kànnàkànnà ń yí kíákíá. Lórí ẹ̀rọ tó tó ti Àlàdé, láàárín ìdá kan nínú ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, ibi tí òkúta dojú kọ lè yí ní nǹkan bíi ogún digírì. Ìkọ́ tó ní ìpẹta díẹ̀, tàbí òrùka tó ń há, á mú kí òkúta kan lọ sókè, èyí tó tẹ̀ lé e á gbá ilẹ̀. Tí o bá rí i pé ibi tí òkúta ń bọ́ sí kò dúró sójú kan nígbà tí o kò yí nǹkan kan padà, ìkọ́ ni kí o kọ́kọ́ fi sáńpépà gbo, kó dán.

---

Mọ́rẹ́nikẹ́

Ìkọ́ mi jẹ́ ìṣó tí mo gún sórí igi, ó tọ́ gbọnrangandan. Ó ti yé mi. Ẹ ṣeun.

Ẹ sọ fún àwọn tó ń kan án pé ẹ̀yìn náà léwu o. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sá kúrò níwájú, kò sẹ́ni tó rántí ẹ̀yìn.

---

Ìdòwú_Irin

Mo ti kà á wàyí, mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ti rọ́bà. Igun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tí kì í bá ṣe 45 digírì gan-an, òkúta kò lè dé ibi tó yẹ. Àlàdé, lọ wọn igun rẹ.

---

Olùkọ́_Físíìsì

Ìdòwú, igun wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló gba 110 mítà lọ́wọ́ Àlàdé. Ibi tí òkúta ń bọ́ sí kì í yàtọ̀ púpọ̀ nítòsí 45 digírì. Òkúta tó jáde ní 35 tàbí 55 digírì pàdánù nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún péré. Tó bá di 25 digírì, ìdá mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ, ìyẹn ni ó tó nǹkan tí a ń pariwo lé. Láfikún, òkúta ń jáde láti òkè, afẹ́fẹ́ sì ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà igun tó dára jù kéré sí 45 díẹ̀. Bó bá ti wà láàárín 35 sí 45, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá agbára níbòmíràn.

---

Àlàdé

Mo ya fídíò náà. Igun òkúta 400 gíráàmù sún mọ́ 40 digírì, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ nígbà tí òrùka bọ́, igi ṣì ń sáré, àpótí sì fò kọjá débi pé ẹsẹ̀ férémù kan gbéra nílẹ̀. Ti 200 gíráàmù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ fò. Mo wá fi òkúta 800 gíráàmù dán an wò, mo tẹ ìkọ́ díẹ̀ kó má bàa lọ sókè jù. 60 mítà ló lọ, férémù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira rárá.

---

Olùkọ́_Físíìsì

Ó dáa bẹ́ẹ̀. 60 mítà jẹ́ eré mítà 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá, òkúta 800 gíráàmù yẹn wá gbé nǹkan bíi 235 júùlù nínú 392. Ẹ wò ó: 800 gíráàmù gbé 235, 400 gbé 177, 200 gbé 103. Bí òkúta bá ṣe wúwo tó ló ń gba agbára tó, àmọ́ bó ṣe ń wúwo ni ibi tó ń dé ń kúrú. Àárín méjèèjì ni ibi tí ìwọ ń wá. Kò pọn dandan kí o dín òkúta kù mọ́, nítorí láti 400 sí 200 o jèrè 15 mítà péré. Ohun tó kù ni kí o mú kí òkúta 400 gíráàmù gbé ju 177 lọ.

Kí ni igi rẹ wúwo tó? Ó sì rí báwo, ṣé ó nípọn bákan náà láti ìdí dé orí?

---

Àlàdé

Kílò mẹ́fà, ó dọ́gba láti ìdí dé orí. Mo kàn ra pákó tó gùn mítà mẹ́ta ni.

---

Olùkọ́_Físíìsì

Òun nìyẹn. Igi tó dọ́gba, ibi tó ti wúwo jù wà ní àárín rẹ̀, ìyẹn mítà kan àbọ̀ láti ìdí. Irin tí igi ń yí lórí rẹ̀ wà ní 60 sẹ̀ǹtímítà láti ìdí, torí náà àárín igi wà ní 90 sẹ̀ǹtímítà lọ́hùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ òkúta. Nígbà tí ẹrù ń já bọ́, kílò mẹ́fà yẹn ń gòkè ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Gbígbé e sókè nìkan gba nǹkan bíi 90 júùlù nínú 392 rẹ, ká tó sọ ti mímú un sáré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin tí o fi ń gbé pákó.

---

Baba Káfíńtà

Ah, ibi tí mo mọ̀ dáadáa la dé yìí. Má ra igi mìíràn. Fi rándà gé e kó tínrín lọ sí orí. Bí ó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá nídìí irin, jẹ́ kó di mẹ́rin níbi ìkọ́. Ibi irin àárín ni kó nípọn jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Má sì gbẹ́ ihò ńlá gba àárín igi kọjá fún irin yẹn. Fi irin sí abẹ́ igi, kí o fi irin pẹlẹbẹ àti bóòtù dì í mú láti òkè. Ihò ni igi tí mo kan fún àwọn ọmọ yẹn ti ṣẹ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọ́kọ́ jáde létí ihò, wọ́n rò pé àwọ̀ igi ni, wọ́n tún gbé ẹrù lé e.

---

Olùkọ́_Físíìsì

Baba ti sọ ọ́ tán. Tó o bá ti gé e tínrín, igi náà á máa yára, ìkọ́ rẹ kò sì ní bá a mu mọ́. Tún un ṣe láti ibẹ̀rẹ̀, má rò pé igi tuntun ló bà á jẹ́.

Kànnàkànnà rẹ dára bó ṣe wà. Kó sún mọ́ gígùn apá gígùn ni àwọn tó ń kan án fẹ́ràn, 2.2 sí 2.4 wà níbẹ̀. Apá ìlọ́po mẹ́rin náà dára, má fọwọ́ kàn án.

---

Ìdòwú_Irin

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́? Mo rí fídíò kan tí férémù wà lórí táyà mẹ́rin, tó ń lọ síwá sẹ́yìn bó ṣe ń jùkò. Ẹni tó kan án ní ó jìnnà ju èyí tó dúró gbọin lọ.

---

Olùkọ́_Físíìsì

Ó ní ìdí. Àpótí ẹrù kò já bọ́ ní ọ̀nà tó tọ́, ó ń yípo pẹ̀lú apá kúkúrú. Tí férémù bá dúró gbọin, díẹ̀ nínú agbára ẹrù ń lọ sí fífò sápá kan, ìdí nìyẹn tí ti Àlàdé fi ń gbéra nílẹ̀. Tí férémù bá lè rìn, ẹrù á já bọ́ ní tààrà sí i, férémù á sì yí síwájú nígbà tí òkúta bá ń jáde. Mo gbà pé á fi kún un.

---

Baba Káfíńtà

Èmi kò gbà. Lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, bóyá. Lórí koríko, táyà á rì, férémù á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Férémù tó lè rìn náà ń mì, mímì ń jẹ agbára. Èmi á gbé e sórí ìpìlẹ̀ tó dúró, màá dá àpótí ẹrù kọ́ sórí ìkọ́ tó ń yí kó lè máa wà ní ìdúró tààrà.

---

Olùkọ́_Físíìsì

Baba, àpótí tó ń fì lórí ìkọ́ dára ju èyí tí wọ́n kàn mọ́ igi lọ, a jọ gbà. Ti kẹ̀kẹ́ nìkan ni a kò jọ gbà. Ẹni tó bá ní pátákó láti tẹ́ sílẹ̀ lórí koríko kó dán an wò pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà, òkúta kan náà, ká wá rí i.

---

Àlàdé

Àpótí tèmi ń fì lórí ìkọ́, baba. Igi ni màá kọ́kọ́ gé tínrín, màá fi òkúta 400 gíráàmù jù ú, màá wá ya fídíò òrùka náà. Kẹ̀kẹ́ á dúró di ẹ̀yìn ìyẹn, kí n lè mọ èyí tó ṣe é. Baba, ẹ jọ̀ọ́, pákó náà ní kókó kan ní nǹkan bíi àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà sí irin àárín, ní apá gígùn. Ṣé mo lè gé e bẹ́ẹ̀?

---

Baba Káfíńtà

Má gé ẹ̀gbẹ́ tí kókó wà o. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí o ti gé e. Tí kókó yẹn bá sì gba inú igi kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, jù ú nù, wá igi mìíràn. Ó máa ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹrù bá kún.